Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì fún ọjà ẹ̀dínwó ìparí oṣù kọkànlá: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọlọ́jà Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀

Àwọn tó ń ta ọjà lórí ayélujára láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ló máa ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí bí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé. Kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́n káàkiri, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀. Ẹ gbà pé abàyà ni wọ́n ń tà ní Tanke, àti pé fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn fi ń wọlé. Abàyà kan tí wọ́n pè ní A12 ti ń jẹ́ ₦18,500 láti oṣù kẹjọ. Nínú ọjà ẹ̀dínwó yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Blákì Fúráídè, ₦14,800 ni wọ́n fẹ́ tà á. Ọjà náà máa ṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2026, ó sì máa parí lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30.

Kí ló yẹ ká kọ sórí bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá?

Ẹ kọ ohun tí oníbàárà máa bá pàdé tó bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń kọ `Shop Now` síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kà á ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù ná. Lọ́sẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀dínwó, ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: irú ọjà wo ni, èló sì ni. Fún ṣọ́ọ̀bù wa, "Wo abàyà tó wà lábẹ́ ₦15,000" ti tó. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti mọ̀ pé abàyà lòun máa rí, ó sì ti mọ̀ bóyá owó ọwọ́ òun ká a. Ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀ tó rí abàyà ₦22,000 láàárín wọn, bọ́tìnnì yẹn ti purọ́ fún un, kò sì ní fọkàn tán èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí àkọlé ńlá ṣe iṣẹ́ ariwo: "Owó abàyà wa ti wálẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Ajé." Bọ́tìnnì kì í pariwo ní tirẹ̀, ìgbésẹ̀ kan ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tí "Má jẹ́ kó kọjá ẹ!" kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí bọ́tìnnì: kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbéni lọ.

Ní ojú kan náà lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ní àwọ̀ tó ta yọ. Bí "Wo abàyà", "Pè wá" àti "Tẹ̀ lé wa" bá jọ ń tàn yanran, ojú kò ní mọ èwo ni kó bá lọ. Àwọ̀ náà sì ní ìwọ̀n. Ìlànà WCAG, èyí tí àwọn tó ń kọ ojú ìwé ayélujára ń tẹ̀ lé, sọ pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti àwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1. Lẹ́tà funfun lórí yẹ́lò kò súnmọ́ ọn rárá. Ẹ mú fóònù jáde sínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ kà á; bí ẹ bá ní láti fi ọwọ́ ṣíji bò ó, ẹ yí àwọ̀ náà padà.

Bí mo bá kọ "Rà á", ó dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún àgbàlagbà. Bí mo bá kọ "Ẹ rà á", ó ń dà bí ìpolówó rédíò. Èwo ni kí n lò?

Ìbéèrè yìí tọ́, àwọn tó sì ń kó ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì òyìnbó wá bó ṣe wà kì í bi ara wọn. Nínú àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀, Àlàájà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún náà wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá sọ fún Àlàájà pé "Rà á báyìí" ti ṣe ohun tí kò lè ṣe lójú rẹ̀ ní Ọjà Ọba.

Ohun tó máa yanjú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́tìnnì náà. Bọ́tìnnì lè jẹ́ ohùn ọlọ́jà, ó sì lè jẹ́ ohùn oníbàárà. Bó bá jẹ́ ohùn ọlọ́jà, "Ẹ" di dandan: "Ẹ yan ìwọ̀n yín". Bó bá jẹ́ ohùn oníbàárà, òun ló ń rán ṣọ́ọ̀bù níṣẹ́, kò sì sí ìdí fún "Ẹ" mọ́: "Fi sí apẹ̀rẹ̀ mi", "Gbé e wá fún mi ní Ọ̀fà", "Mo fẹ́ A12". Àlàájà kan náà tí "Rà á" máa bí nínú kò ní rí àbùkù nínú "Fi sí apẹ̀rẹ̀ mi", torí òun fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ibi tí wọ́n ti da ohùn méjèèjì pọ̀. Mo ti rí "Ẹ fi sí apẹ̀rẹ̀ mi" lórí ojú ìwé tó lẹ́wà gan-an. Apẹ̀rẹ̀ ta ni? Bí ọlọ́jà bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ ọlọ́jà ni wọ́n ń sọ. Ó yẹ kó jẹ́ "Ẹ fi sí apẹ̀rẹ̀ yín" tàbí "Fi sí apẹ̀rẹ̀ mi".

Èrò tèmi ni pé kí gbogbo bọ́tìnnì tí oníbàárà ń tẹ̀ jẹ́ ohùn oníbàárà, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ń sọ nígbà tí nǹkan bá kọ̀ jẹ́ ohùn ọlọ́jà, pẹ̀lú "Ẹ". Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti kọ àdírẹ́sì, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdírẹ́sì tí a máa gbé e lọ" ni kó jáde, kì í ṣe "Kọ àdírẹ́sì rẹ".

Ṣé kò ní sàn ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lédè òyìnbó? Ṣebí `Add to Cart` ló ti mọ́ wọn lára.

Ó mọ́ ọ̀pọ̀ lára lóòótọ́, n kò sì ní bá yín jà tí ẹ bá fi sílẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ojú ìwé máa bọ́ láti èdè kan sí èkejì láàárín ọ̀nà. Bí oníbàárà bá bá yín sọ Yorùbá láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé apẹ̀rẹ̀, tí bọ́tìnnì owó wá di `Proceed`, ó máa ń rò pé wọ́n ti gbé òun kúrò lọ́dọ̀ yín. Ibẹ̀ ló ti máa dúró, tàbí tó ti máa pe nọ́ńbà yín láti béèrè.

Ibì kan wà tí ẹ kò lè yí padà: ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó. Òyìnbó ni wọ́n kọ sí tiwọn. Ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ní ìlà kékeré kan lábẹ́ bọ́tìnnì: "Ojú ìwé tó kàn jẹ́ ti àwọn tó ń bá wa gba owó, òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́." Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹni tó ń bẹ̀rù jìbìtì lọ́wọ́ ìfòyà.

Àmì ohùn ń gé lórí bọ́tìnnì mi, àmì abẹ́ lẹ́tà náà kì í sì í hàn nígbà mìíràn. Kí ló fà á?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á.

Èkíní ni gíga bọ́tìnnì. Ẹni tó kọ́ ojú ìwé náà fi òyìnbó sọ́kàn, ó wá dé gíga rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà bíi "Ọ́" ní nǹkan lókè, ó ní nǹkan nísàlẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá. Ẹ má dé e mọ́lẹ̀. Ẹ fún un ní gíga tó kéré jù, kí ẹ sì jẹ́ kó lè pọ̀ sí i. Ẹ yọ ìlànà tó ń sọ lẹ́tà di ńlá kúrò pẹ̀lú, torí Yorùbá tí wọ́n fi kìkì lẹ́tà ńlá kọ pẹ̀lú àmì ṣòroó kà.

```css
.btn {
  min-height: 48px;
  padding: 10px 16px;
  line-height: 1.5;
  text-transform: none;
  white-space: normal;
  font-family: "Noto Sans", sans-serif;
}
```

Gíga 48 yẹn kì í ṣe ti lẹ́tà nìkan. Ìwọ̀n tí Google dá lábàá fún ohun tí ìka máa tẹ̀ lórí Android ni. Ìlà `white-space` ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn bọ́ sí ìlà kejì dípò kó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọ̀rọ̀ Yorùbá sábà máa ń gùn ju ti òyìnbó tí wọ́n wọn àyè náà fún.

Èkejì ni lẹ́tà tí ẹ yàn. Àwọn lẹ́tà ọ̀ṣọ́ kan kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú rárá, fóònù á wá yá ti ibòmíràn. Ẹ ó rí i pé lẹ́tà kan sanra ju àwọn tó kù lọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Noto Sans ní gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹta farasin díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka "á" sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún "ẹ́" tàbí "ọ́": lẹ́tà kan àti àmì kan tí wọ́n so pọ̀ ni. Lójú tiwa, "fẹ́" jẹ́ lẹ́tà méjì. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹyọ mẹ́ta ni. Bí ibi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì bá ní òdiwọ̀n ẹyọ 20, ó lè gé ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu, kí ó sì gé àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì tí àmì kan ṣoṣo sọnù ní òpin rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ̀yin tó fẹ́ yọ gbogbo àmì kúrò kí ìdààmú lè tán, ẹ rora. "Ra" láìsí àmì lè túmọ̀ sí oríṣiríṣi nǹkan, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì kò ní gbólóhùn yí i ká tó máa tọ́ òǹkàwé sọ́nà.

Bọ́tìnnì tó máa gba owó ńkọ́? Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń sá lọ.

Ìdí tó pọ̀ jù tí wọ́n fi ń sá ni pé owó tí wọ́n rí níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n rí tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá A12 rìn. Oníbàárà rí ₦14,800, ó fi sí apẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ó wá rí ₦17,300, torí pé owó ọkọ̀ dé Ọ̀fà jẹ́ ₦2,500, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Kò bínú sí ₦2,500 náà. Pé wọ́n fi pamọ́ ló dùn ún.

Nítorí náà, ẹ bi í ní ìlú rẹ̀ kó tó dé bọ́tìnnì owó. Nígbà tó bá yan Ìlọrin, ẹ kọ "owó ọkọ̀ ₦1,500". Nígbà tó bá yan Ọ̀fà, ẹ kọ "₦2,500". Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo iye náà sórí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀: "San ₦16,300" fún ará Ìlọrin, "San ₦17,300" fún ará Ọ̀fà. Kò sí bọ́tìnnì tó ń fi ọkàn balẹ̀ tó èyí tó sọ iye tó máa kúrò ní báńkì gan-an.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gba owó nígbà tí ọjà bá dé, ẹ má lo "San". Kò tíì san nǹkan kan. "Mo fẹ́ ẹ, màá san ₦16,300 tó bá dé" gùn, àmọ́ òótọ́ ni, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ kò ní sọ fún ọlọ́kadà pé òun kò mọ̀ pé owó wà ńlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀sẹ̀ ẹ̀dínwó máa ń fà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì á falẹ̀, oníbàárà á tẹ bọ́tìnnì owó, kò ní rí nǹkan kan, á tún un tẹ̀. Wọ́n lè yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì tó yẹ kí ẹ fi tajà dá owó padà. Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́:

```js
btn.disabled = true;
btn.textContent = "Ó ń lọ lọ́wọ́, ẹ dúró díẹ̀…";
```

Bí owó kò bá lọ, ẹ ṣí i padà, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "Báńkì kò gbà á. Kò sí owó tó kúrò. Ẹ tún un gbìyànjú." Ẹ má kọ "Kò sí owó tó kúrò" bí kò bá dá yín lójú o, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó dé ná. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì nìkan kò sì tó fún ààbò yìí. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín kọ́ ọ pé kí rírà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo. Paystack, fún àpẹẹrẹ, kì í gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Wáàsáàpù ni mo ti ń tajà jù. Kí ni kí n kọ sórí bọ́tìnnì rẹ̀?

Kì í ṣe "Kàn sí wa". Ẹni tó bá tẹ ìyẹn á débẹ̀, á rí ojú òfìfo, á kọ "Ẹ káàsán", ẹ ó dáhùn "Ẹ káàsán", ìsẹ́jú mẹ́wàá á lọ kí ọ̀rọ̀ abàyà tó jáde. Ẹ kọ "Béèrè A12 lórí Wáàsáàpù", kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ sínú líǹkì náà:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20f%E1%BA%B9%CC%81%20A12
```

Ẹ fi nọ́ńbà yín sí ipò X láìsí òdo àkọ́kọ́, láìsí àmì `+`. Ohun tó wà lẹ́yìn `text=` ni "Mo fẹ́ A12" tí wọ́n ti kọ lọ́nà tí líǹkì fi ń gbé e. Oníbàárà á kàn tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀yin náà á sì mọ abàyà tó ń wò kí ẹ tó kí i.

Bí kò bá sẹ́ni tó máa dáhùn ní aago méjì òru, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bọ́tìnnì: "À ń dáhùn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́."

Ṣé mo lè lo "Ó kù díẹ̀!" àti aago tó ń kà sẹ́yìn?

Ẹ lè lò ó, tó bá jẹ́ òótọ́. Aago tó máa ń padà sí wákàtí méjì nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ìwé náà, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ lè fi gbá èèyàn mú. Ìlọrin kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣí i ní Sáńgo láàárọ̀ á fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Adéta lálẹ́, wọ́n á rí wákàtí méjì kan náà.

Ẹ fi àsìkò kan pàtó sí i, pẹ̀lú àmì àsìkò Nàìjíríà:

```js
const ipari = new Date("2026-11-30T23:59:00+01:00");
```

`+01:00` yẹn ló ń sọ pé aago Nàìjíríà ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, fóònù ẹni tó ń ra nǹkan fún ìyá rẹ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù máa lo aago ibi tó wà. Yálà aago wà ńbẹ̀ tàbí kò sí, ẹ kọ ọjọ́ náà lọ́rọ̀. "Ó máa parí lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30" rọrùn láti rántí ju nọ́ńbà tó ń sáré lọ.

Fún "ó kù díẹ̀", ẹ sọ iye tó kù gan-an. "A12 ku mẹ́ta, ìwọ̀n L" ń ta ọjà ju ariwo lọ, nítorí ẹni tó ń wọ L mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Owó àtijọ́ tí ẹ fa ìlà lé lórí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. ₦18,500 tí ẹ fa ìlà lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹ tà á lóòótọ́. Bí ẹ bá gbé e gòkè di ₦21,000 ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá kí ẹ̀dínwó lè dà bíi pé ó pọ̀, irọ́ ni, òfin sì mọ̀ ọ́n. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò fàyè gba kí ọlọ́jà fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn polówó, kò sì fàyè gbà á kó gbà ju iye tó kọ síta lọ. Láti ₦18,500 sí ₦14,800, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ má kọ "títí dé ìdá 50" sókè nítorí híjáàbù kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀.

Àwọn oníbàárà mi kan kò fẹ́ orúkọ Blákì Fúráídè, torí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni. Kí ni kí n pè é?

Orúkọ náà wá láti Amẹ́ríkà, níbi tó ti jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn. Kì í ṣe Ìlọrin nìkan ni wọ́n ti ń rò ó. Ní ọdún 2021, àjọ Hisbah ìpínlẹ̀ Kánò kọ̀wé sí ilé rédíò kan níbẹ̀ pé kí wọ́n má fi orúkọ náà pe ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Láwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, orúkọ tó túmọ̀ sí Jímọ̀ Funfun ni àwọn ọlọ́jà ń lò. Konga nílé níbí náà sọ tirẹ̀ ní Yakata.

Ẹ lè pè é ní "Ẹ̀dínwó Ìparí Oṣù" lórí bọ́tìnnì àti àkọlé. Àmọ́ bí ẹ bá ń retí ẹni tó máa wá yín láti orí Google, ẹ fi `Black Friday` sínú ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, torí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí bọ́tìnnì ṣí láàárín aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán Jímọ̀. Ìdajì ìlú wà ní mọ́sálásí. "Ó máa ṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dára fún bọ́tìnnì àárọ̀, pẹ̀lú "Rán mi létí" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣé irú ọ̀rọ̀ kan náà ni mo lè fi ránṣẹ́ lórí tẹ́ẹ̀sì?

Rárá, owó á lọ. Tẹ́ẹ̀sì kan gba ẹyọ 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ₦ sínú rẹ̀, ó bọ́ sí 70. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé tẹ́ẹ̀sì kan ni á di méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì gba owó gbogbo wọn. Ibí nìkan ni mo ti gbà kí ẹ yọ àmì kúrò, kí ẹ sì kọ N14,800 dípò ₦14,800. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kí líǹkì wà ní òpin rẹ̀.

Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́?

Wọ́n á ní kí ẹ fi bọ́tìnnì méjì han ìdajì-ìdajì oníbàárà. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Bí èèyàn 100 bá rí èkíní tí mẹ́rin rà, tí 100 mìíràn rí èkejì tí mẹ́fà rà, ó lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Ọjọ́ mẹ́rin kò ní fún yín ní èèyàn tó pọ̀ tó láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sínú líǹkì Wáàsáàpù kọ̀ọ̀kan: "Mo fẹ́ A12" fún èyí tó wà lára abàyà, "Mo ní ìbéèrè nípa owó A12" fún èyí tó wà nídìí apẹ̀rẹ̀. Bí ìkejì bá ń wọlé ju ìkíní lọ, bọ́tìnnì owó yín ló ń pa wọ́n lẹ́rù, kì í ṣe abàyà. Ẹ ka ohun tí wọ́n ń béèrè. Bí ọ̀pọ̀ bá ń béèrè "Ṣé ẹ ń gbé e dé Àjàṣẹ́-Ìpo?", kí ìdáhùn náà wà lójú ìwé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí A12 bá tán lọ́jọ́ Sátidé, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Ẹ má yọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi líǹkì ránṣẹ́ sí máa débẹ̀, kò sì yẹ kó bá òfìfo pàdé. Ẹ jẹ́ kí àwòrán àti iye wà níbẹ̀, kí bọ́tìnnì "Fi sí apẹ̀rẹ̀ mi" di "Pè mí tí A12 bá dé". Kí ó gba nọ́ńbà fóònù nìkan, kì í ṣe orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi abàyà méjì tó jọ ọ́ tó ṣì wà nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ₦18,500 gbọ́dọ̀ ti padà sórí rẹ̀, kí bọ́tìnnì òkè sì ti di "Wo gbogbo abàyà". Bí ẹnì kan bá ti fi A12 sí apẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé tí kò tíì sanwó, ẹ pinnu ṣáájú kí ọjà tó ṣí bóyá ẹ máa fún un ní iye àná. Èmi á fún un títí di ọ̀sán, bọ́tìnnì rẹ̀ á sì sọ bẹ́ẹ̀: "San ₦16,300 kó tó di aago méjìlá."